Áyọ́ọ̀nù Ló Dọ̀tí ni, àbí Aṣọ Ló Jó?

Bí àmì pupa rúsúrúsú bá yọ lápá bùbá funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, igbe tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé aṣọ ti jó. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sítáàṣì tí a fi sí aṣọ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù. Bí iná bá ti pọ̀ jù, yóò jó mọ́ ibẹ̀, aṣọ tí a bá sì tún gbé sábẹ́ rẹ̀ ni yóò ko èérí náà.

Ẹ fi àkísà funfun tó tutù, tí ẹ ti fi ọṣẹ díẹ̀ sí, rọra nu àmì náà. Bí àwọ̀ bá bọ́ sára àkísà, sítáàṣì jíjó ni, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá bọ́, òwú aṣọ gan-an ni iná ti rà.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ yẹ áyọ́ọ̀nù wò kí ẹ tó lọ aṣọ mìíràn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kó tutù pátápátá. Ẹ po ṣíbí békìn sódà méjì mọ́ omi ṣíbí kan kó ki, ẹ fi pa ojú ibi tó dúdú, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá fi àkísà ọ̀rinrin nù ún kúrò. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú ihò tí ooru ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná, kí ẹ fi lọ àkísà kan kí ìyókù lè jáde síbẹ̀. Kànrìnkàn onírin kò dára: ojú tó bá ti ha ni sítáàṣì tún ń rí dì mọ́. Bí wọ́n bá sì kun ìdí áyọ́ọ̀nù yín kó má baà máa lẹ̀, ẹ fi sódà sílẹ̀, àkísà àti omi ọṣẹ ni kí ẹ lò. Àwọn kan ń fi parasitámọ́ọ̀lù ra ojú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó máa ń yọ́, ó sì máa ń kó èérí kúrò lóòótọ́, àmọ́ èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa fà símú; èmi ò bá wọn ṣe é.

Ó ku bùbá tí iná rà. Bí ó bá jẹ́ òwú funfun, tí àmì náà kò sì ju pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ẹ ra háídírójìn pẹróksáìdì ìdá 3 nínú 100, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ìṣẹ́tí aṣọ. Ẹ fi rin àkísà funfun, ẹ tẹ́ ẹ lé àmì náà, ẹ tẹ́ àkísà gbígbẹ lé e, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná níwọ̀nba tẹ̀ ẹ́. Àmì yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Bí àkísà bá gbẹ, ẹ tún un rin. Bó bá tán, ẹ fi omi ṣan aṣọ dáadáa.

Oògùn yìí ń bọ́ àwọ̀, nítorí náà ẹ má gbé e sún mọ́ àdìrẹ. Pọ́lísítà tó bá ń dán níbi tí áyọ́ọ̀nù gbé kàn án ti yọ́, kò sí ohun tó lè dá a padà. Ẹ fi èékánná ha òwú tó ti pọ́n gan-an wò: bí ó bá ń bu bí eruku, aṣọ ti lọ nìyẹn, ẹ gbé e fún télọ̀ kó fi nǹkan lẹ̀ ẹ́.