Aago Mẹ́wàá Ìlú Wo?

Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá olùwáṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn lẹ́nu wò, "aago mẹ́wàá àárọ̀" nìkan kò tó nínú lẹ́tà. Lásìkò ooru wọn, aago ìlú méjèèjì dọ́gba; láti ìparí oṣù Kẹwàá di ìparí oṣù Kẹta, tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kìíní 2026, aago 10 àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 11 ní Ìbàdàn, ìṣẹ́jú 45."

Ẹ fi líǹkì sí i, àti nọ́ńbà tí yóò pè bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹ sọ ipò àwọn tí yóò bi í ní ìbéèrè: bí akáwọ́ owó bá wà níbẹ̀, ó yẹ kó múra ìṣirò sílẹ̀. Ẹ má kọ "ìwé ẹ̀rí" lásán. Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù, ẹ dárúkọ rẹ̀. Kí olùwáṣẹ́ náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ aago tirẹ̀ sínú èsì. "Mo ti rí i" kì í fi àṣìṣe wákàtí kan hàn.