Iṣẹ́ Òkè Òkun Nínú Ilé Èkó

Ẹni tó ń ti ilé rẹ̀ l'Ékòó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Niu Yọ́ọ̀kì mọ̀ pé aago 9 àárọ̀ wọn, aago 2 ọ̀sán wa ni. Nígbà òtútù wọn, ó di aago 3. Ìgbà tí ará ilé ń wọlé dé gan-an niṣẹ́ ń gbóná.

Kó bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn aago tí yóò ṣíwọ́. Tó bá tó, kó pa kọ̀ǹpútà, kó gbé e kúrò lójú. Bó bá ṣì ń yẹ fóònù wò lórí ibùsùn, iṣẹ́ ti bá a wọ yàrá nìyẹn.

Àárọ̀ rẹ̀ ṣófo. Kó má fi sùn tán. Ìgbà náà ni kó jáde lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí àdáwà má baà mú un.