Ọtí alẹ́ àná, wárápá òwúrọ̀ yìí

Ní Pádúà, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gboyè kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Wọ́n á fi ewé lọ́rẹ́lì dé e lórí bí adé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé bébà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní papíírò wá, tí ó kún fún àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nípa rẹ̀, yóò sì kà á sókè ní gbangba. Bó bá ṣì í kà, kó gbé ife mu. Láti ibẹ̀ ó di gbàgede ọjà àtijọ́, níbi tí ife sípírítìsì ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti gbé Àpẹ́rólù jáde ní 1919. Túrínì náà ní tirẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fẹ́múùtì láti 1786, kò sì sí àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tí wọn kì í ti í gbé ife dání lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà síbí wà láàárín gbogbo èyí. Àwọn kan nínú wa sì ń lo oògùn wárápá láìjẹ́ pé ọ̀rẹ́ kankan mọ̀, nítorí wárápá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ síta nílé wa. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ jáde, ohun tó máa ń bẹ̀rù ni ìgbà tí ọtí bá wà lójú rẹ̀. Ibi tí ewu wà gan-an kọ́ nìyẹn. Wákàtí tí ọtí bá ń kúrò lára ló yẹ kó máa ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò ṣe àpẹẹrẹ. Ọpọlọ ní bíréèkì, ó sì ní ibi tí a ti ń tẹná. Ọtí máa ń tẹ bíréèkì, ó sì tún ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi ń lọ́, tí oorun sì ń kunni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í káwọ́ gbera. Bí ọtí bá ti pẹ́ lára, òun náà á tú bíréèkì, á sì máa tẹná sí i kí nǹkan lè dọ́gba. Nígbà tí ọtí bá wá tán nínú ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ ọpọlọ ṣì wà lórí iná, kò sì sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, orí fífọ́ àti àìfarabalẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ̀. Fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ní wárápá tẹ́lẹ̀, ìyẹn tó láti gbé e ṣánlẹ̀.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Ṣàrítè ní Bẹ̀líìnì bi àwọn aláìsàn wárápá 310 nípa èyí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú wọn, 204 ló ti mu ọtí láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Àwọn 37 sọ pé wárápá ti gbé àwọn rí nítorí ọtí. Nínú 37 yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Gbogbo àwọn yòókù, láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ ọtí dúró ni ó gbé wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì ti mu, ó kéré tán, lítà bíà kan àti ìlàjì ó dín díẹ̀, tàbí nǹkan bí ìgò wáìnì kan, kó tó ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́ ní sípírítìsì? Ní Ítálì, gíráàmù 12 ọtí gidi ni wọ́n ń kà sí ife kan: ìyẹn bíà kékeré kan, tàbí ife wáìnì kékeré kan. Sípírítìsì tí wọ́n pò dáadáa fẹ́ẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 13. Ife márùn-ún rẹ̀ ti tó ibi tí àwọn ará Bẹ̀líìnì yẹn dé. Ní ọjọ́ ìgboyè, ife márùn-ún lè parí kí oúnjẹ alẹ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Ẹ ro ọmọbìnrin ọdún 22 kan tí ó ń lo lefetirásẹ́támù, oògùn wárápá tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Kẹ́pùrà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́. Ó lo ti àárọ̀ kó tó lọ gboyè. Ní ọ̀sán, papíírò àti wáìnì. Ní ìrọ̀lẹ́, sípírítìsì. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, ó rántí ohun tí màmá rẹ̀ máa ń sọ, pé a kì í po oògùn mọ́ ọtí, ló bá fi oògùn sílẹ̀ sínú báàgì. Ó sùn ní aago mẹ́ta òru. Ní aago méje àárọ̀, àwọn òbí rẹ̀ tó wá láti Túrínì ti ń pè é kí ó wá sin àwọn dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Ibi tí ìṣòro wà rèé. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìdajì oògùn yẹn máa ń jáde lára àgbàlagbà. Ká sọ pé wákàtí méje ni. Tí a bá kà á láti aago mẹ́jọ àárọ̀ àná, ó ti ku ìdajì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìdámẹ́rin ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìdámẹ́jọ ní aago márùn-ún ìdájí. Àsìkò kan náà ni ọtí ń parí lára rẹ̀, oorun wákàtí mẹ́rin péré ló sì sùn. Ohun mẹ́ta tí ó lè fa wárápá ti pàdé ní àárọ̀ kan. Nígbà tí ó gbé ife kọfí, apá rẹ̀ já lójijì, kọfí dà sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọtí àná ṣì wà lára rẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án ó ṣubú ní ibùdókọ̀, ara rẹ̀ le, ó sì ń gbọ̀n.

Apá tó já yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Oríṣi wárápá kan wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, láàárín ọdún 12 sí 18, tí apá máa ń ta kìjí láìpẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá jí. Fóònù á fò lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì á bọ́ sílẹ̀. Àìsùn àti ọtí ni ó máa ń ru ú sókè jù. Ẹni tó bá rí i ní àárọ̀ lẹ́yìn òde, kó jókòó sílẹ̀, kó lo oògùn àárọ̀ rẹ̀, kó má gun kẹ̀kẹ́, kó má sì wọ inú omi ìwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ńkọ́? Ó dára fún ọ̀pọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n níbí ó lè pa ni lára. Ẹni tó bá mu ọtí ṣì gbọ́dọ̀ lo oògùn wárápá rẹ̀ ní àsìkò rẹ̀. Lóòótọ́, ọtí á jẹ́ kí oorun oògùn náà pọ̀ sí i, orí á sì máa yí i, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju kí oògùn tán lára lọ. Tí ó bá bì láìpẹ́ lẹ́yìn tó gbé e mì, kó pe dókítà tàbí apòògùn kó tó lo òmíràn, kó má kàn ṣe é ní ìlọ́po méjì. Oògùn kan wà tí ó yàtọ̀: fẹnobábítálì, tí wọ́n ṣì ń lò gan-an ní Nàìjíríà tí àwọn kan sì ń lò níbí. Òun àti ọtí lè jọ tẹ èémí mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró, nítorí náà ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí rárá. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ náà, ọtí ni. Pé ó kún fún egbò igi kò yí ìyẹn padà.

A ò sọ pé kí gbogbo ẹni tó ní wárápá má fẹnu kan ife láéláé. Ìwádìí kan ní Họ́láńdì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983, fún àwọn aláìsàn wárápá ní ife fọ́ńkà kan sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16. Wárápá wọn kò pọ̀ ju ti àwọn tí kò mu lọ. Ife méjì pẹ̀lú oúnjẹ, kí ènìyàn sì sùn lásìkò, kò jọ ìgò kan láti ọ̀sán títí di òru. Ó yẹ kí ẹni náà kọ́kọ́ bá dókítà tó mọ irú wárápá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣá.

Tí ó bá gbé ènìyàn lójú yín, ẹ wo aago. Ẹ fi aṣọ tàbí báàgì tó rọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má da epo pupa tàbí omi sí i lẹ́nu. Tí gbígbọ̀n náà bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Tí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tún gbé e kí ojú rẹ̀ tó dá, ẹ pe 112. Ẹ sọ fún wọn pé ó mu ọtí, ẹ sì sọ orúkọ oògùn tó ń lò. Ọ̀pọ̀ ń fi ọtí pamọ́ nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni dókítà nílò láti mọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí dídáwọ́ ọtí dúró fi ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, kò sì ní òde kankan nínú. Èyí jẹ́ ti ẹni tí ó ń mu ún lójoojúmọ́. Àwọn dókítà ní àríwá Ítálì fi àwọn tí gìrì ńlá kọ́kọ́ gbé wé àwọn aláìsàn mìíràn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Ẹni tó ń mu díẹ̀ kò sí nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó bá kọjá gíráàmù 50 lójúmọ́, bí ife mẹ́rin, ni ewu náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó sì ń pọ̀ bí ọtí ṣe ń pọ̀. Àwọn tí kò ní wárápá tẹ́lẹ̀ nìyẹn o.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pinnu láti jáwọ́ lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí ààwẹ̀, tàbí nítorí pé ó ń lọ sílé. Ẹ wò ó báyìí: ó ń mu ìgò wáìnì kan lálaalẹ́ ní Túrínì, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó, ó sì dé ilé màmá àgbà ní Ìbàdàn, níbi tí ọtí kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí 48 ni gìrì máa ń wá. Ọwọ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, oorun kò ní wá. Nígbà tí ó bá ṣubú ní ọjọ́ kejì, ẹnu àwọn ará ilé á kò sí pé ayé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìgbà tó mu ọtí kẹ́yìn. Tí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ó lè máa rí ohun tí kò sí, kí ara rẹ̀ gbóná, ìyẹn sì lè pa á.

Oògùn wárápá tó wà nínú báàgì rẹ̀ kò tó láti dá èyí dúró. Oògùn tí dókítà máa ń lò fún un jẹ́ irú dáyásípáàmù, tí ó ń tẹ bíréèkì kan náà tí ọtí ń tẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú fítámì B1. Nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu ife àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dá ọtí dúró lójijì fúnra rẹ̀. Kó máa mu ún bí ó ṣe ń mu ún títí yóò fi rí dókítà, láìjẹ́ kó pẹ́. Ní gbogbo ìlú ńlá ní Ítálì, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ Ser.D. sí ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà, wọn kò sì ní sọ fún àwọn òbí ẹni tó ti pé ọdún 18. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun, pé wárápá wà lára yín.