Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nítorí Tẹlifíṣàn Olóṣù Mẹ́jọ

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, bí a ti ń wo ìròyìn lọ́wọ́, àwòrán pòórá lójú tẹlifíṣàn wa, ṣùgbọ́n ohùn asọ̀ròyìn kò dákẹ́. Oṣù mẹ́jọ péré ni ó lò nílé wa, wáráńtì ọdún kan sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sí ilé ìtajà tí a ti rà á nílùú Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ tan án wò. Ó ní, "Àǹtí, iná ló bà á jẹ́. Wáráńtì kì í bo ti iná."

Ká sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí ẹ bá ka káàdì wáráńtì yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé wọ́n ti yọ ìbàjẹ́ tí iná tó ru sókè, omi tàbí ìṣubú bá fà kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé: kí ni ó ba ẹ̀rọ náà jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe, ló là mí lóye. Wọ́n pa iná yàrá, wọ́n tan tẹlifíṣàn náà, wọ́n sì gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ gíláàsì rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bọ́ sí, a rí àwòrán tó ń rìn bàìbàì bí òjìji. Wọ́n ṣàlàyé pé gíláàsì kì í dá tàn; àwọn gílóòbù kéékèèké tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn án. Àwòrán wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Bí ó bá jẹ́ iná tó ru ló kọlù ú, pátákó tó ń gba iná wọlé ló sábà máa ń jó, ẹ̀rọ náà kò sì ní tan rárá. Wọ́n kìlọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹ̀rí àrídájú, ṣùgbọ́n ó tó láti fi béèrè pé kí ilé ìtajà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúkú tú u. Wọ́n ní, "Ìyàwó, má dán an wò o. Tí èdìdì tó wà lórí ìdè ẹ̀yìn yẹn bá já, o ti fún wọn ní àwáwí nìyẹn."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ kún fún ìbínú. Mo pè wọ́n ní oníjìbìtì, mo sì gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí mo ra ọjà. Mo fà á ya. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èkejì, ohun tó wí sì nìyí:

"Sí Alábòójútó Ilé Ìtajà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ọdún 2024, mo ra tẹlifíṣàn oní-ínṣì 32 kan lọ́wọ́ yín ní ₦185,000. Nọ́ńbà rìsíìtì àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, àwòrán rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì rẹ̀, àwòrán ń hàn bàìbàì. Kò ṣubú, omi kò kàn án, sitabiláísà ni a fi ń lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì tú u. Ní ọjọ́ 18, òṣìṣẹ́ yín kọ̀ láti gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dá owó mi padà. Bí ẹ bá ní iná ló fà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì àyẹ̀wò yín sílẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Mo ń retí èsì láàárín ọjọ́ 14."

Gbólóhùn nípa èsì àyẹ̀wò yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, lójú tèmi. Ó rọrùn láti fi ẹnu sọ pé iná ló bà á jẹ́; kí ènìyàn fọwọ́ sí i kò rọrùn. Mo tún mẹ́nu kan abala 131 nínú òfin ọdún 2018 tó dá Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà sílẹ̀, èyí tó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù, tó sì lè lò fún ìgbà tó bójú mu. Ọ̀dọ̀ àjọ náà ni ǹ bá gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì.

Fọ́tókọpì rìsíìtì ni mo so mọ́ ọn. Ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti ń ṣá, nítorí irú bébà rìsíìtì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tí ìkọ̀wé orí rẹ̀ fi ń parẹ́. Ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni mo gbé lọ ní ọjọ́ 21. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì fún mi.

Ní ọjọ́ kọkànlá, alábòójútó náà fúnra rẹ̀ pè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ibi àtúnṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n pààrọ̀ gbogbo iná ẹ̀yìn gíláàsì, n kò sì san kọ́bọ̀. Ó padà dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá. Nígbà tí mo béèrè bóyá wáráńtì tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní rárá, ti àtijọ́ ló ń bá a lọ títí di oṣù Kejì. Mo ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sórí ìwé fún mi. Ìwé náà àti rìsíìtì tó ń ṣá wà nínú ọ̀rá kan náà.