Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbàdí tó ń dunni bí a bá fi irin wúwo lóṣòó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbẹ̀fún tó ń gbé irin, bí ẹ bá ru 100 kílò séjìká, tí ẹ lóṣòó, tí ìbàdí ń dùn yín, ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ìdí yín nísàlẹ̀: ṣé ó ń ká wọlé, tí ẹ̀yìn sì ń tẹ̀? Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. Ẹ dúró kí ìdí tó ká, kí ẹ sì fa èémí sínú kí ikùn le kí ẹ tó lóṣòó. Bí ẹ̀yìn bá ṣì ń tẹ̀, tàbí tó ń dunni, ẹ dín irin náà kù sí 80 kílò, àní 60. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, ẹ jáwọ́, ẹ rí dókítà. Bí abẹ́ bá kú, tàbí ìtọ̀ kò jáde, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.