Táyà Tó Wú Lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọkọ̀ já sí kòtò lánàá. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ táyà wú bí ẹyin. Ẹnu kòtò àti etí rímù ló fún un pọ̀ títí okùn inú rọ́bà fi já. Okùn yẹn ló ń kó afẹ́fẹ́ níjàánu. Rọ́bà nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Kò sí pátì tó lè so ó padà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sípíà sí i.

Ti ojú gígé yàtọ̀. Ẹ tan iná sí i, kí ẹ rọra fi ìka ṣí i. Bí okùn bá hàn, táyà ti parí, kódà bí kò tíì jò. Ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀, ó ń nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Pátì kì í dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà òkè nìkan ló họ, ó ṣì ṣeé lò.