Àṣamọ̀ Kì í Ṣe Ìfáárà

Àṣamọ̀ ni ìpínrọ̀ kúkúrú tó ń ṣíwájú iṣẹ́ ìwádìí. Ìfáárà ló máa ń tẹ̀lé e. Torí pé wọ́n jọ wà níwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ohun kan náà sínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Àṣamọ̀ ń sọ ìwádìí náà tán, tòun ti àbájáde rẹ̀. Ìfáárà ń sọ ìdí tí ìwádìí náà fi pọn dandan, ibi ìbéèrè ló sì ń dúró sí.

Ìwádìí tí wọ́n pè ní RECOVERY fi èyí hàn kedere. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 2020, lórí oògùn dẹsamẹ́tásóònù fún àwọn tí àrùn Kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn. Ìfáárà rẹ̀ ṣàlàyé bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe máa ń wú nígbà tí ara bá ń bá àrùn náà jà. Ó ní wọ́n ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn àrùn tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò: àwọn kan ní kí wọ́n má lò ó, àwọn mìíràn ń lò ó fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Kò sọ iye ẹni tó kú nínú ìwádìí náà.

Àṣamọ̀ ló sọ ìyẹn. Èèyàn 2,104 gba oògùn náà. 4,321 gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan. Láàárín ọjọ́ 28, nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 29.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tó lo oògùn, 41.4 lára àwọn tí kò lò ó. Nínú àwọn tí kò nílò ọ́síjìn, oògùn náà ò dín ikú kù: 17.8 sí 14.0 ni. Ká ní wọ́n fo gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni, dókítà lè máa fún gbogbo aláìsàn ní oògùn tí kò ní ṣe wọ́n láǹfààní.

Ewu yẹn wà nítorí pé àṣamọ̀ máa ń dá rìn. Òun ló máa ń hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí PubMed, nígbà tí odindi iṣẹ́ lè jẹ́ ti owó, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í sì kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn tàbí sí àtẹ tó wà nínú iṣẹ́. Ẹni tó ń ka ìfáárà ní tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá ka ìyókù, nítorí náà àyè wà fún ìtàn àti ìtọ́kasí níbẹ̀.

Àṣamọ̀ tó bá ní “a ó jíròrò àbájáde” kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó fi ìdajì àyè rẹ̀ sọ ìtàn ìṣòro ti di ìfáárà. Ìgbà tí àbájáde bá ti dájú ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́, lẹ́yìn gbogbo apá yòókù.